Kí wọ́n sanwó fún ẹ kó o tó ra ṣíà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa ní Maryland. Àga ṣì wà níwájú níbí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni ọ̀rọ̀ púùtù títà, torí pé àwọn kan nínú yín gbọ́ pé èèyàn lè gbowó lórí ṣíà tí kò tíì rà, wọ́n wá ń bi mí bóyá òótọ́ ni àbí gbájúẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ nǹkan kan wà tẹ́ ẹ̀ ń tà tí wọ́n fi ń sanwó ọ̀hún fún yín, tẹ́ ò bá sì mọ nǹkan náà, ẹ máa tà á lọ́pọ̀, ẹ ò ní mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ra epo pupa pamọ́ nígbà tí epo pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀rù ń bà á kí owó epo má lọ já wálẹ̀. Ó wá bá yín, ó ní ẹ gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà yìí, àmọ́ títí ìparí oṣù tó ń bọ̀, ìgbàkígbà tí mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì yìí dé, ẹ gbọ́dọ̀ rà á lọ́wọ́ mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Tí epo bá wọ́n, kò ní wá, á tà á lọ́jà, ẹgbẹ̀rún méjì ti di tiyín. Tí epo bá já, ó ń gbé e bọ̀ nìyẹn, ẹ ò sì lè sọ pé ẹ ò rà mọ́. Ìlérí tó rà lọ́wọ́ yín yẹn ni púùtù, ẹ̀yin lẹ tà á, òun ló rà á. Lórí ọjà sítọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà níbí, kọ́ńtíráàtì kan dúró fún ṣíà 100, ó ní iye àdéhùn, ó ní ọjọ́ tó máa parí, owó tí wọ́n san fún yín là ń pè ní pírímíọ̀mù. Torí kẹ́ ẹ má bàa sá nígbà tí wọ́n bá gbé ọjà dé, bróókà yín máa ti gbogbo owó tẹ́ ẹ máa fi ra ṣíà 100 yẹn pa nínú àkáǹtì yín. Ohun tó ya èyí tá à ń sọ lónìí sọ́tọ̀ nìyẹn, owó ti wà nílẹ̀, a ò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bróókà. Àwọn tó ń fi májìnì, ìyẹn owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ bróókà, ta púùtù, tiwọn yàtọ̀, èmi ò bá wọn dá sí i.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kúrò lórí epo, ká lọ sórí ẹni tó ṣe é tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1993, ọjọ́ Friday, ilé iṣẹ́ Philip Morris kéde pé àwọn máa gé owó sìgá Marlboro wálẹ̀. Ọjà dàrú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣíà ilé iṣẹ́ tó bá ti ń fi orúkọ ńlá pawó, wọ́n ní tí Marlboro bá lè gé owó, ta ni kò ní gé e, Coca-Cola náà sì fara gbá nínú ẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé kì í ta sìgá. Warren Buffett ti kó Coca-Cola rẹpẹtẹ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀, Berkshire Hathaway, nígbà yẹn, ó sì fẹ́ sí i, àmọ́ iye tó wà lọ́jà, nǹkan bíi dọ́là 40, kò tíì lọ sílẹ̀ tó lójú ẹ̀. Ló bá ta púùtù. Iye àdéhùn jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 35, àdéhùn máa parí ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, wọ́n san dọ́là kan ààbọ̀ fún un lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, ṣíà mílíọ̀nù 5 ló sì ṣe é lé lórí. Ẹ ṣírò ẹ̀, mílíọ̀nù 7.5 dọ́là ló wọlé. Tí Coca-Cola bá já kọjá 35, Berkshire máa san 35, àmọ́ torí dọ́là kan ààbọ̀ tó ti wà lápò, 33.50 lowó tó jáde lápò ẹ̀ gan-an.

Coca-Cola ò já o. Ní ìparí ọdún 1993 ó wà ní dọ́là 44 àti díẹ̀, púùtù kú sọ́wọ́ àwọn tó rà á, mílíọ̀nù 7.5 di ti Berkshire pátápátá. Ibí yìí ni àwọn tó ń kọ́ èèyàn lórí ẹ̀rọ ayélujára máa ń dé tí wọ́n á dákẹ́, tí gbogbo èèyàn á máa pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e síwájú díẹ̀ sí i. Bàbá yìí fẹ́ ṣíà, kò rí ṣíà. Ní ọdún 1994, Berkshire lọ ra Coca-Cola sí i ní tààrà, mílíọ̀nù 93.4 tó wà lọ́wọ́ wọn di mílíọ̀nù 100. Tẹ́ ẹ bá mú lẹ́tà ọdún méjèèjì tó kọ sí àwọn onípìn-ín, tẹ́ ẹ yọ iye tí wọ́n ti ná ní 1993 kúrò nínú ti 1994, ẹ máa rí i pé mílíọ̀nù 6.6 tuntun yẹn gbà wọ́n ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 275 dọ́là, ìyẹn á jẹ́ bíi dọ́là 41.66 lórí ọ̀kan. Ẹ wá yọ mílíọ̀nù 7.5 ti púùtù kúrò nínú mílíọ̀nù 275 yẹn, ó ń bọ̀ sí nǹkan bíi dọ́là 40 ààbọ̀ lórí ọ̀kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tí ì bá rà á ní oṣù kẹrin 1993 náà jàre! Gbogbo ìdúró yẹn, kò jèrè ẹ̀dínwó kankan, kò sì pàdánù púpọ̀, yàtọ̀ sí dífídẹ́ǹdì, èrè tí ilé iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà, tó ń kọjá lọ nígbà tí ṣíà ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó ta púùtù kì í gba dífídẹ́ǹdì, ẹ fi sọ́kàn.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yẹn ni pé àwọn èèyàn máa ń sọ pé púùtù títà ni ọ̀nà láti ra ṣíà ní ẹ̀dínwó, bíi pé ẹ̀dínwó ọ̀hún dájú. Kò dájú. Ohun tó dájú ni pírímíọ̀mù. Ṣíà máa wá nígbà tí ọjà bá já nìkan, tí ọjà bá sì gbéra, ẹ máa wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ máa wò ó. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣíà kan tọkàntọkàn, tẹ́ ẹ gbà pé ó máa gòkè lọ́dún márùn-ún, ẹ lọ rà á. Púùtù wà fún ẹni tó ń sọ pé, tí wọ́n bá gbé e wá ní iye yìí mo máa rà, tí wọn ò bá gbé e wá mo lè sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe tiwa. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ ni, ẹ má lọ wá a lórí fóònù lónìí. Ká ní Coca-Cola, orúkọ ẹ̀ lójú ẹ̀rọ ni KO, wà ní dọ́là 70, ẹ sì fẹ́ rà á ní bíi 67. Ẹ wọ ibi tí bróókà yín to àwọn ọ́pṣọ̀n sí, ìyẹn àwọn àdéhùn bíi púùtù yìí, ẹ yan ọjọ́ tó jẹ́ bí oṣù kan sí i, ẹ máa rí ìlà tó wà níwájú 67.50 ní apá Put. Iye méjì ló máa wà níbẹ̀, Bid ni iye tí àwọn tó ń rà fẹ́ san, Ask ni iye tí àwọn tó ń tà ń béèrè. Tí Bid bá jẹ́ 0.78 tí Ask jẹ́ 0.82, ó dáa, àwọn èèyàn ń ná ọjà yẹn dáadáa. Tí Bid bá jẹ́ 0.40 tí Ask wá jẹ́ 1.20, ẹ sá, torí pé àlàfo yẹn ló máa jẹ èrè yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi iye tẹ́ ẹ fẹ́ síbẹ̀ fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ tà á ní iye tó bá rí:

```
Sell to Open   1   KO   67.50 Put
Limit 0.80     Day
```

Sell to Open ni pé ẹ ń ta àdéhùn tuntun, Limit ni iye tó kéré jù tẹ́ ẹ máa gbà, Day ni pé ọ́dà náà wà fún ọjọ́ yẹn nìkan. Tí wọ́n bá rà á, dọ́là 80 máa wọlé, bróókà máa yọ sẹ́ńtì díẹ̀, ó máa wá ti dọ́là 6,750 pa. Ẹ wò ó dáadáa, dọ́là 80 ni wọ́n fi sé 6,750 mọ́ fún oṣù kan. Ẹ bi bróókà yín bóyá owó tó sé mọ́lẹ̀ yẹn ṣì ń gba èlé, torí pé àwọn kan máa ń san èlé lé e lórí, àwọn kan kì í san nǹkan kan tàbí kí wọ́n san èyí tí kò tó nǹkan.

Ọjọ́ wá pé, KO wà ní dọ́là 66. Wọ́n máa gbé ṣíà 100 fún yín ní 67.50, ẹ san 6,750, àmọ́ pẹ̀lú 80 tẹ́ ẹ ti gbà, 66.70 ni ṣíà kọ̀ọ̀kan ná yín. Lọ́jà, 66 ni. Ẹ ti wọ gbèsè dọ́là 70 lórí ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ẹ rà á ní ìsàlẹ̀ iye ọjà. Ẹ rà á ní ìsàlẹ̀ iye tó wà *nígbà tẹ́ ẹ ta púùtù*, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó rà á ní 70 lọ́jọ́ yẹn ti pàdánù 400, tiyín ni 70. Èyí ni ìgbà tí púùtù ṣe iṣẹ́ tá a rán an gẹ́lẹ́: ọjà já díẹ̀, kò já jù.

Wàyí o, tó bá já jù ńkọ́? Ibí gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Intel parí ọjà ní dọ́là 29.05. Lẹ́yìn tí ọjà ti pa, wọ́n gbé ìròyìn èrè wọn jáde, kò dáa, wọ́n ní àwọn máa dá òṣìṣẹ́ tó lé ní ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún dúró, wọ́n tún ní àwọn máa dá dífídẹ́ǹdì dúró. Lọ́jọ́ kejì ó parí ní 21.48. Ó já ní ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ká mú èèyàn méjì tí wọ́n fẹ́ ra Intel lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni àkọ́kọ́ ta púùtù 28 tó máa parí ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ, ká ní wọ́n san dọ́là 1.20 fún un. Ó ṣírò ẹ̀, ó ní "ah, 26.80 ni màá rà á." Ẹnì kejì ò ta púùtù kankan, ó kàn fi ọ́dà Limit sílẹ̀ lọ́dọ̀ bróókà ẹ̀ pé kí wọ́n bá òun rà á tó bá dé 26.80, ó sì jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn méjèèjì ní 26.80 lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ pé ẹni àkọ́kọ́ ló gbọ́n jù, torí pé wọ́n ń sanwó fún un nígbà tó ń dúró, àwọn kan tiẹ̀ máa ń sọ pé púùtù títà ni ọ́dà Limit tí wọ́n ń sanwó fún.

Ilẹ̀ mọ́. Ọ́dà Limit túmọ̀ sí pé 26.80 *tàbí kó dín sí i*, torí náà nígbà tí ọjà ṣí tí Intel ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, iye ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n bá ẹnì kejì rà á. Kò san 26.80 rárá. Àti pé ó ní gbogbo alẹ́ láti ka ìròyìn yẹn, tó bá bà á lẹ́rù, ó lè pa ọ́dà ẹ̀ rẹ́ kílẹ̀ tó mọ́, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́? Òun ṣì máa san 28, kò sí bó ṣe lè pa á rẹ́. Tó bá fẹ́ jáde, ó gbọ́dọ̀ ra púùtù yẹn padà lọ́jà, púùtù tó tà ní 1.20 ti di nǹkan bíi 6 dọ́là ààbọ̀ nìyẹn, torí pé 28 yọ 21.48 ti lé ní 6.50. Lórí ṣíà 100, pẹ̀lú 120 tó gbà, ó ti wọ gbèsè dọ́là 532 ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ rí i báyìí, nǹkan tí ẹni àkọ́kọ́ tà ni ẹ̀tọ́ láti yí ọkàn padà. Òun ni wọ́n san 120 lé lórí. Ó lè jẹ́ iye tó dáa, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ pé òun lẹ̀ ń tà. Pírímíọ̀mù yẹn náà ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, tó bá fara balẹ̀ wò ó. Tí púùtù oṣù kan lórí KO bá ń mú 80 wọlé lórí 6,750, tí púùtù ọ̀sẹ̀ méjì lórí Intel wá ń mú 120 wọlé lórí 2,800, ọjà ń pariwo pé nǹkan kan ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń san owó ńlá torí pé ó fẹ́ràn yín. Ohun tí mo máa ń wò kí n tó wo iye kankan ni ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ yẹn máa kéde èrè, bróókà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, tí ọjọ́ yẹn bá bọ́ sáàárín òní àti ọjọ́ tí àdéhùn parí, ẹ bi ara yín léèrè: tó bá jí lọ́la tó ti já ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ṣé mo ṣì fẹ́ ẹ? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ yan ọjọ́ tó ṣáájú ìkéde, tàbí kẹ́ ẹ fi ọ́dà Limit sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sinmi.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó máa parí náà, ẹ gbọ́ díẹ̀. Ọjọ́ Friday ló sábà máa ń jẹ́. Tí ṣíà bá parí ọjà ní sẹ́ńtì kan péré sísàlẹ̀ iye àdéhùn, ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ OCC, àwọn ló dúró láàárín ẹni tó rà àti ẹni tó tà, máa lo púùtù yẹn fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, àfi tí ẹni tó ni ín bá ní kí wọ́n má lò ó. Ṣíà máa wà nínú àkáǹtì yín lópin ọ̀sẹ̀, owó yín ti lọ. Àmọ́ ọjà máa ń pa ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ra púùtù sì ní títí di aago márùn-ún ààbọ̀ láti sọ ohun tó fẹ́. Tí ṣíà bá parí ní sẹ́ńtì márùn-ún sókè iye àdéhùn, tí ìròyìn burúkú wá jáde ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ṣì lè gbé e fún yín. Wọ́n tún lè gbé e fún yín kí ọjọ́ tó pé rárá, pàápàá tí ṣíà bá ti já jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni òfin ọ́pṣọ̀n ṣíà ní Amẹ́ríkà ṣe wà. Fún ẹni tówó ẹ̀ wà nílẹ̀ tó sì fẹ́ ṣíà náà, kò sí wàhálà nínú ìyẹn.

Owó orí, kíá ni màá sọ ọ́. Tí púùtù bá kú, pírímíọ̀mù di èrè ìgbà kúkúrú lọ́dọ̀ IRS, bó ti wù kó pẹ́ tó. Tí wọ́n bá gbé ṣíà fún yín, wọn ò ní gba owó orí lórí pírímíọ̀mù lójú ẹsẹ̀, ó máa dín iye tẹ́ ẹ ra ṣíà kù, ìyẹn ni pé 66.70 ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ fún KO wa yẹn, kì í ṣe 67.50.

Ẹ jẹ́ kí n gba ìbéèrè.

Àǹtí kan béèrè pé ṣé ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lè ṣe é. Àǹtí, ẹ lè ṣe é, àmọ́ ẹ wò ó pé KO kan péré ti gbé 6,750 nínú ẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta owó yín ti wà lórí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú bróókà ń ta ìdá ṣíà, ẹ lè fi dọ́là 200 ra Coca-Cola lónìí. Púùtù ò ní ìdá, ṣíà 100 ni, kò sí ti ẹyọ kan. Tí ẹ bá máa tìtorí owó kékeré lọ wá ṣíà olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ pé ìdí tó fi pọ́ọ́kú ni pé ó ń kú lọ, ẹ fi í sílẹ̀ ó jàre.

Bọ̀dá tó wà lẹ́yìn ní àwọn gbọ́ pé tí ọjà bá já, èèyàn lè ra èyí tó tà padà kó wá ta ti oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n má bàa gbé ṣíà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni sà, wọ́n ń ṣe é, ojoojúmọ́ ni. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ fẹ́ ra ṣíà ní 67.50, wọ́n wá gbé e dé ní 67.50, ẹ wá ń sá. Ìgbà yẹn ẹ ò kí ń ra ṣíà mọ́, pírímíọ̀mù lẹ̀ ń lé. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, ó ní ewu tiẹ̀, torí pé àdánù ti àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀, owó tuntun tẹ́ ẹ gbà kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Tí ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ilé iṣẹ́ yẹn bá ti bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ rà á padà kẹ́ ẹ gba àdánù yẹn, kẹ́ ẹ kúrò ńbẹ̀. Tí kò bá bàjẹ́, ẹ gba ṣíà yín.

Màmá ní iye àdéhùn wo ló dáa jù. Mà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí pírímíọ̀mù. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ lè san fún ilé iṣẹ́ yẹn sórí ìwé kẹ́ ẹ tó ṣí fóònù, ẹ wá iye àdéhùn tó súnmọ́ ọn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ pírímíọ̀mù, tí pírímíọ̀mù tó wà níbẹ̀ ò bá tó nǹkan, ẹ fi ọ́dà Limit sílẹ̀ ní iye tẹ́ ẹ kọ yẹn, owó yín á wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè pa á rẹ́ nígbà tó bá wù yín.